Nọ́ọ̀tì táyà tí wọ́n gun mọ́lẹ̀, tó sì tún tú

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kúbwà ni mò ń gbé, Kòrólà ọdún 2009 oníríìmù irin ni mò ń wà. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo pààrọ̀ táyà iwájú méjèèjì. Fọkanáísà fi gọ́ọ̀nù di nọ́ọ̀tì, ó tún gun orí sípánà, ó fò sókè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ Sátidé, mo kọrí sí Ìlọrin. Kí n tó dé Kótónkáfè, mò ń gbọ́ kò-kò-kò níwájú lápá òsì. Mo dúró, mo sì bá nọ́ọ̀tì méjì nínú márùn-ún tí mo lè fi ọwọ́ lásán yí. Mo dì wọ́n, mo rọra wà á dé Ìlọrin, ibẹ̀ ni mo ṣì wà. Báwo ni nọ́ọ̀tì tí èèyàn gun mọ́lẹ̀ ṣe lè tú? Àbí ó yẹ kí wọ́n dì í le ju bẹ́ẹ̀ lọ ni?"

Àbúrò mi, o kú ewu o. Ohun tó kọ́kọ́ ká mi lára ni pé ọkọ̀ náà ṣì wà ní Ìlọrin, o sì máa wà á padà. Jọ̀ọ́, má gbé e sọ́nà bó ṣe wà yẹn. Nígbà tí nọ́ọ̀tì méjì tú, mẹ́ta tó kù ló ń ṣe iṣẹ́ márùn-ún, ríìmù sì ń mì lára họ́ọ̀bù, ìyẹn irin tí wọ́n ń de ríìmù mọ́, ó ń tẹ sítọ́ọ̀dì, irin gbọọrọ tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀, síhìn-ín sọ́hùn-ún ní gbogbo ìgbà tí táyà bá ti yí lẹ́ẹ̀kan. Irin tí wọ́n bá ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀ á máa sán nínú díẹ̀díẹ̀, bíi wáyà tí ọmọdé ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn títí tó fi já. Ojú lè má rí ibi tó ti sán. Jẹ́ kí mẹ́káníìkì tú táyà yẹn, kó wo ihò ríìmù márààrún. Bí ihò kan bá ti fẹ̀ bí ẹyin, tàbí tí etí rẹ̀ ti fá tó ń dán, ríìmù yẹn ti parí iṣẹ́. Ní ti sítọ́ọ̀dì, èmi ò ní mú méjì kí n fi mẹ́ta sílẹ̀. Gbogbo márààrún ni mo máa yọ, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì wọn, nítorí pé gbogbo wọn ni wọ́n jọ rìn ìrìn yẹn.

Ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ ni pé rárá, kì í ṣe pé wọn kò dì í le tó. Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà ni pé wọ́n rò pé nọ́ọ̀tì ló gbé táyà kọ́, bí ìṣó ṣe ń gbé fọ́tò kọ́ sára ògiri. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá ń di nọ́ọ̀tì, sítọ́ọ̀dì lò ń fà. Sítọ́ọ̀dì yẹn á nà díẹ̀, á sì máa wá bó ṣe máa padà sí ipò rẹ̀, bíi rọ́bà ìdí ṣòkòtò. Fífà tó ń fà padà yẹn ló ń tẹ ríìmù mọ́ ojú họ́ọ̀bù. Lórí Kòrólà bíi tìẹ, bí wọ́n bá dì í bó ṣe yẹ, sítọ́ọ̀dì kan ṣoṣo á tẹ ríìmù mọ́ họ́ọ̀bù bí ìgbà tí ẹrù nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́rin jókòó lé e. Ìtẹ̀mọ́ra yẹn ló ń gbé ọkọ̀, òun náà ló ń gba wàhálà bíréèkì. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà níbẹ̀, ríìmù kò lè yọ̀ lórí họ́ọ̀bù. Ọjọ́ tó bá lọ ni ríìmù á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, tí nọ́ọ̀tì á sì máa bá a yí díẹ̀díẹ̀ títí o fi máa gbọ́ kò-kò-kò.

Wàyí o, wo bí nínà yẹn ṣe kéré tó. Sítọ́ọ̀dì ọkọ̀ rẹ nípọn ní mìlímítà 12, ibi tó ń nà láàárín ẹ̀yìn họ́ọ̀bù àti nọ́ọ̀tì kò sì gùn. Gbogbo nínà rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá kan nínú ogún mìlímítà kan lọ. Fa irun kan tu lórí rẹ, kí o wò ó: bó ṣe nípọn nìyẹn. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá nípọn tó irun, tó wà láàárín ríìmù àti họ́ọ̀bù, tó wá fọ́ tàbí tó rún nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, ti jẹ nínà yẹn tán. Ó lè jẹ́ ìdípẹtà, ó lè jẹ́ ọ̀dà tuntun tí wọ́n fi kun ríìmù, ó lè jẹ́ erùpẹ̀ pupa tiwa níbí. Nọ́ọ̀tì lè má tíì yí kúrò níbi tí wọ́n dì í sí rárá, síbẹ̀ kó má di ohunkóhun mú mọ́.

Mo ti fi ojú ara mi rí i. Oníbàárà kan gbé Kòrólà wá bá mi ní Ápò, ọdún kan náà pẹ̀lú tìẹ, ó ní nọ́ọ̀tì òun máa ń dẹ̀ ṣáá. Nígbà tí mo tú táyà, ojú họ́ọ̀bù ti dípẹtà, ìdípẹtà náà sì ti gbé pẹpẹ bí èèpá. Mo fẹ́ kí ọmọọṣẹ́ mi rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, nítorí náà a kò kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. A dá táyà padà, a fi sípánà oníwọ̀n, èyí tá à ń pè ní tọ́ọ̀kì rẹ́ǹṣì, tó máa ń ké kí bó bá ti dé iye tí a gbé e sí, dì í dé iye tí Tòyótà ní kí wọ́n di ọkọ̀ yẹn sí, a sì fi kútẹ́ẹ̀sì funfun fa ìlà tó ti orí nọ́ọ̀tì bọ́ sórí ríìmù. Èmi fúnra mi ni mo rọra wà á lọ sí Kẹ́fí, mo sì padà. Nígbà tí táyà tutù, a tún fi sípánà kan náà lé e. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta nínú márùn-ún ló yí kí sípánà tó ké kí. Ọ̀kan yí tó ìdá mẹ́jọ àyípo. Ìlà kútẹ́ẹ̀sì wọn kò sì tíì ṣí nípò kankan kó tó di pé a fi sípánà kàn wọ́n. Lẹ́yìn náà la tú u, tí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ojú họ́ọ̀bù àti ẹ̀yìn ríìmù títí irin fi ń dán, tí a fi àkísà gbígbẹ nù ún. Kẹ́fí kan náà, ọ̀nà kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, sípánà ké kí lórí márààrún láìsí èyí tó mì.

Ó ku bí wọ́n ṣe tò ó dì. Mo mọ̀ bí iṣẹ́ ṣe máa ń rí létí títì: gọ́ọ̀nù á bá nọ́ọ̀tì òkè, á bọ́ sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sì yípo bí ọwọ́ aago. Nígbà tí nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ bá ti le tán, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ nìkan ni ríìmù tì mọ́. Ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì là sílẹ̀ díẹ̀, ríìmù dagun. Ẹnu nọ́ọ̀tì ríìmù irin rí ṣónṣó, òun ló sì ń fa ríìmù wá sáàárín. Èyí tó kọ́kọ́ le ti há a sí ibi tí kì í ṣe àárín, àwọn tó kù wá ń bá a jà. Bí o bá dé orí èyí tó gbẹ̀yìn, sípánà á le lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n ríìmù tó há ló ń bá ọ wọ̀yá ìjà, kì í ṣe sítọ́ọ̀dì tó nà. Bí ọkọ̀ bá wá wọ kòtò kan tàbí méjì, ríìmù á jókòó sí àyè rẹ̀, nọ́ọ̀tì tó o rò pé ó le á sì wà lófìfo. Bí mo bá ní kí n méfò, nọ́ọ̀tì méjì tó tú lọ́wọ́ rẹ yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ìdí nìyí tí a fi ń dì í bí ẹni ń ya ìràwọ̀. Pe nọ́ọ̀tì tó wà lókè ní ìkínní, kí o ka àwọn tó kù bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ títí dé ìkarùn-ún. Di ìkínní, fo ìkejì, di ìkẹta, fo ìkẹrin, di ìkarùn-ún, lẹ́yìn náà ìkejì, kí o parí rẹ̀ sí ìkẹrin. Bí o bá fi ìlà so wọ́n pọ̀, ìràwọ̀ ni. Ríìmù oníhò mẹ́rin rọrùn: èyí tó kọjú sí èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dì ni kó o bọ́ sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo máa rìn ín. Ìrìn àkọ́kọ́, ọwọ́ lásán ni, táyà ṣì wà lókè, o sì ń mi ríìmù díẹ̀ kó lè jókòó. Bí nọ́ọ̀tì kan bá kọ̀ tí kò bá ọwọ́ yí, má fi gọ́ọ̀nù tì í, tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìyẹn ojú ìlà tó fi ń yí wọlé, ti ní ìṣòro. Ìrìn kejì, sọ jáàkì sílẹ̀ títí táyà fi kan ilẹ̀ díẹ̀ tí kò fi ní máa yí, kí o dì wọ́n dé bí ìdajì. Ìrìn kẹta ni o máa dì wọ́n dé iye tó yẹ. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo gọ́ọ̀nù; kó fi í sáré yí nọ́ọ̀tì wọlé, kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í le ni kó gbé e sílẹ̀. Lórí Kòrólà rẹ, dísíìkì bíréèkì wà láàárín họ́ọ̀bù àti ríìmù, nítorí náà bí dídì yẹn bá wọ́, ẹsẹ̀ rẹ lè máa gbọ́ ọ lórí bíréèkì lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tí á máa gbọ̀n bí o bá tẹ̀ ẹ́.

Iye tó yẹ fún Kòrólà rẹ ni Niútọ̀nì-mítà 103, èyí tó jẹ́ 76 lórí sípánà tó ń ka fúùtì-páùn. Ó wà nínú ìwé ọkọ̀. Iye yìí kì í ṣe ti gbogbo ọkọ̀, má fi ti Kòrólà di Háílọ́ọ̀sì. Fún ẹni tí kò ní sípánà oníwọ̀n, jẹ́ kí n fi kẹ́ẹ̀gì omi hàn án. Ìwọ náà ti rí àwọn mẹ́rúwà tó ń ti bárò kiri ní Kúbwà. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ni wọ́n ń kó, ọ̀kan tó bá kún wúwo tó nǹkan bíi kílò 26. Mú sípánà tó gùn, fi téèpù wọn sẹ̀ntímítà 40 láti àárín nọ́ọ̀tì lọ sí apá mímú rẹ̀. Fi sípánà kọ́ nọ́ọ̀tì, kí apá rẹ̀ nà sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ gbọọrọ, má jẹ́ kó tẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì yẹn, bí o bá rọra fi okùn so ó kọ́ síbi tí o wọ̀n yẹn láìjá a, ń fa nọ́ọ̀tì náà ní nǹkan bíi 102. Bí ọwọ́ rẹ ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo máa ń fi èyí kọ́ ọmọọṣẹ́ kí ọwọ́ wọn lè mọ ìwọ̀n ọ̀hún. Kì í gba ipò sípánà oníwọ̀n tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa, nítorí pé bí o bá sún ọwọ́ rẹ síwájú sẹ̀ntímítà mẹ́wàá, iye náà ti yí padà.

Wá fi ìyẹn wé ti fọkanáísà rẹ. Ọkùnrin tó wọn kílò 75, tó kàn dúró jẹ́ẹ́ sórí sípánà kan náà yẹn, ti di nọ́ọ̀tì dé 294. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta, kó tó di pé ó fò sókè. Rọ́bà ṣòkòtò tí wọ́n bá fà jù kì í padà mọ́. Á wà níbẹ̀ ní yẹ̀ẹ̀yẹ̀ẹ̀. Sítọ́ọ̀dì náà nìyẹn. Tó bá ti nà kọjá ibi tó ti lè padà, agbára tó fi ń fa ríìmù mọ́ra á dín kù, ó sì lè já lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Bí o bá rí sítọ́ọ̀dì tó tín-ín-rín láàárín, tàbí tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ ń le lójijì níbì kan tó sì tún ń dẹ̀, wọ́n ti fà á jù. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo agbára tí wọ́n bá lò ló ń dé ara sítọ́ọ̀dì. Kódà lára èyí tó mọ́, nǹkan bí ìdá kan péré nínú mẹ́wàá ló ń di nínà. Èyí tó kù, ìfagbá, ìyẹn bí irin ṣe ń ha irin, lábẹ́ nọ́ọ̀tì àti nínú tẹ́rẹ́ẹ̀dì ló ń jẹ ẹ́. Létí títì níbí, orí ilẹ̀ ni wọ́n ń to nọ́ọ̀tì sí, nínú iyanrìn. Nọ́ọ̀tì tó bá kó iyanrìn sínú á ké fún ọ bí o bá ń yí i, á le gan-an, síbẹ̀ sítọ́ọ̀dì rẹ̀ lè má tíì nà dé ìdajì. Bí èèyàn ṣe lè gun nọ́ọ̀tì mọ́lẹ̀ kó sì tún tú nìyẹn. Da wíìlì kọ́fà dé, kí o fi ṣe abọ́ tí o máa kó nọ́ọ̀tì sí, kí o sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nu sítọ́ọ̀dì. Má fi ọ́ìlì tàbí gíríìsì sí i. Iye 103 yẹn, fún tẹ́rẹ́ẹ̀dì gbígbẹ ni. Bí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀, ìfagbá á dín kù, sítọ́ọ̀dì á sì nà ju bó ṣe yẹ lọ tó ìdá mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú iye kan náà lórí sípánà.

Ṣùgbọ́n kódà bí gbogbo èyí bá pé, ó ṣì yẹ kí o tún wò ó lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́. Kò sí bí a ṣe lè fọ irin tí kò ní ku ibi kéékèèké tó ga, tí ìwúwo ọkọ̀ àti ooru bíréèkì máa tẹ̀ pẹlẹbẹ. Láàárín kìlómítà 80 sí 160 ni kó o tún wò ó. Bí o bá ń lọ sí iṣẹ́ láti Kúbwà wọ àárín ìlú tí o sì ń padà, ọjọ́ kejì ti tó. Fún ẹni tó ní ìrìn àjò, ìmọ̀ràn mi ni pé kó pààrọ̀ táyà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Bí kò bá sí àyè, kó dúró ní Àbájì, kó jókòó, kó jẹun, kí ó sì wò ó nígbà tó bá lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ríìmù pẹ́ títí láìjó o. Má wò ó nígbà tó gbóná. Bí o bá dì í gbígbóná, iye tí o rí kì í ṣe òótọ́ mọ́ bó bá tutù.

Wíwò yẹn rọrùn. Má kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì o. Gbé sípánà oníwọ̀n sí 103, kí o tẹ̀ lé ìràwọ̀ kan náà, kí o fà á wẹ́rẹ́ títí tó fi máa ké kí, kí o sì dúró níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni, má tún fà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá ké kí láìyí, ó dára. Bí ọ̀kan bá yí díẹ̀ kó tó ké, ríìmù jókòó nìyẹn, tún wò ó lẹ́yìn ìrìn bí irú èyí. Èyí tó bá tún yí lẹ́ẹ̀kejì, tàbí tó yí tó ìdá mẹ́jọ àyípo lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ohun tí a ń fi dídì tọ́jú. Tú táyà, kí o wá ohun tó ń rún lẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá rí ìlà ìdípẹtà pupa tó ń ṣàn láti ìdí nọ́ọ̀tì, tàbí tí irin ń dán yí ihò ká, ríìmù ti ń rìn.

Ohun kan ṣì wà tí mi ò lè mọ̀ láti ibi tí mo jókòó sí, ìyẹn ni irú nọ́ọ̀tì tó wà lára ọkọ̀ rẹ. Ríìmù irin rẹ ń fẹ́ nọ́ọ̀tì oníṣónṣó. Ríìmù álọ́ì Tòyótà ìbílẹ̀ sábà máa ń lo nọ́ọ̀tì olójú pẹlẹbẹ tó ní wásà, ti Họ́ńdà sì yípo bíi bọ́ọ̀lù. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì wọn lè bá sítọ́ọ̀dì kan náà mu, kí fọkanáísà sì fi ọwọ́ yí i wọlé láìfura, bẹ́ẹ̀ etí lásán ló fi kan ihò ríìmù. Bí ríìmù rẹ bá jẹ́ tòkunbọ̀, yọ nọ́ọ̀tì kan, kí o fi ẹnu rẹ̀ wé ihò náà kí o tó kúrò ní Ìlọrin. Bí sítọ́ọ̀dì tuntun bá ti wọlé, tí ojú họ́ọ̀bù mọ́, tí nọ́ọ̀tì bá ihò mu, tí sípánà sì ké kí lórí márààrún láìyí, ṣùgbọ́n tí kò-kò-kò náà ṣì ń dún bí o bá ń yí síárìn tàbí tí o bá wọ kòtò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì mọ́. Jẹ́ kí wọ́n gbé iwájú ọkọ̀ sókè, kí wọ́n di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kí wọ́n mì í, kí wọ́n wo bìárìn họ́ọ̀bù àti bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì apá òsì yẹn.